Ikú Ọmọdé Ti Ń Dín Kù, Kí Ló Dé Tí Ìbí Ò Tètè Dín? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Yorùbá Tó Wà Lókè Ọya

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ní Kúbúwà, ọ̀rọ̀ iye ọmọ kì í pẹ́ jáde. Ẹnì kan á ní àwọn ará Òkè Ọya ń bímọ jù. Ẹlòmíràn á ní àwọn ọmọ tiwa tó ń bí méjì péré ni kò fẹ́ kí ìran Yorùbá pọ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ iye ènìyàn ni iṣẹ́ mi, èmi ni wọ́n máa ń kọjú sí. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú.

Kí ni ìyípadà ikú àti ìbí tí ẹ̀yin onímọ̀ máa ń sọ yìí?

Láyé àtijọ́, níbi tó pọ̀ jù lọ lágbàáyé, obìnrin kan lè bí mẹ́fà tàbí méje, ikú á sì mú púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó dàgbà. Iye tó ń ṣẹ́ kù fún ìyá kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju méjì lọ, ìdí nìyẹn tí èrò kò fi pọ̀ sí i kíákíá fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Lẹ́yìn náà ni ikú bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ìbí sì dúró síbi tó wà. Àlàfo ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, inú àlàfo yẹn gan-an ni èrò ti ń pọ̀. Nígbà tó bá yá, ìbí náà á sọ̀ kalẹ̀, àlàfo náà á sì padé.

Warren Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa èyí ní 1929, Frank Notestein sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ ní 1945. Súwídìn lo ju 100 ọdún lọ kí ó tó la gbogbo rẹ̀ kọjá. Kòríà Gúúsù fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tirẹ̀ láàárín ìran kan ṣoṣo.

Nàìjíríà ṣì wà nínú àlàfo náà. Nínú ìwádìí ìlera tí Àjọ Ìkànìyàn ṣe ní 2003, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí, 201 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti di 132. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí láàárín ìgbà kan náà kò kúrò ní 5.7 ju kí ó bọ́ sí 5.3 lọ. Ẹ wo bí ikú ṣe fi ìdá kan nínú mẹ́ta lọ sílẹ̀, tí ìbí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ìwádìí 2023 sí 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé ìbí náà ti ń wálẹ̀ dáadáa: ikú di 110, ìbí di 4.8.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ikú ló ń kọ́kọ́ dín kù?

Nítorí pé ikú ọmọdé lè dín kù láìjẹ́ pé bàbá tàbí ìyá kankan yí èrò rẹ̀ nípa ayé padà. Nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára lè wọ abúlé kan láàárọ̀, kí ó kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ọmọ tí èèyi ìbá pa lọ́dún tó ń bọ̀ sì wà láàyè. Ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ìyá kò ju pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwa ará Àbújá. Gàríkì ni ó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Gàríkì tiwa níbí o, Gàríkì tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kánò nígbà náà ni, tó ti bọ́ sí Jígáwà lónìí. Láàárín 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀ lórí ibà. Wọ́n fín oògùn apẹ̀fọn sínú ilé àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń pín oògùn ibà fún tọmọdé tàgbà ní abúlé kan lẹ́yìn òmíràn. Wọn ò rí ibà lé lọ pátápátá, ẹ̀fọn ibẹ̀ pọ̀ ju agbára wọn lọ. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, ikú ìkókó wálẹ̀ gidigidi ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń pín oògùn. Iṣẹ́ ibà ni wọ́n wá ṣe, ọ̀rọ̀ iye ọmọ kò sí lára rẹ̀. Ìgbéyàwó ò yí padà, iṣẹ́ oko ò yí padà, ilé-ìwé ò pọ̀ sí i. Ikú nìkan ló dín.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri Nàìjíríà nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àjẹsára dé abúlé, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá láti po omi oníyọ̀ oníṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Gbogbo èyí ń ti ìta wọlé wá. Ìbí ní tirẹ̀ kì í dín kù láti ìta. Inú yàrá tọkọtaya ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan ló sì máa pinnu tirẹ̀.

Bí àwọn òbí bá ti rí i pé ọmọ ò kú mọ́, kí ló dé tí wọn ò dín ìbí kù lójú ẹsẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń bú àwọn aládùúgbò wa ti máa ń ṣìnà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n tiẹ̀ ti rí i. Ìyá tó wà ní abúlé kan ní Kẹ́bí kì í ka ìwé ìwádìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbo ilé rẹ̀ ló mọ̀. Ìyá rẹ̀ sin ọmọ, ìyá ọkọ rẹ̀ sin ọmọ, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà ti sin ọ̀kan. Bí ikú bá dín kù lónìí, ó máa gbà tó ọdún 15 tàbí 20 kí ó tó dá a lójú pé ohun tí òun ń rí kì í ṣe oríire lásán. Nígbà tí ó bá fi máa dá a lójú, ó ti bí gbogbo ọmọ tó máa bí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ẹ̀rí náà máa ṣiṣẹ́ fún.

Ara fúnra rẹ̀ tún ní ipa tirẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú déédéé kì í tètè lóyún. Bí ọmọ ọwọ́ bá kú, ọmú dá dúró, nǹkan oṣù padà, oyún mìíràn dé kíákíá. Nítorí náà, ikú ọmọ ń fa ìbí mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan ń bí ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ kí ikú tó dé, pé bí ó bá mú méjì, mẹ́rin á ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ jẹ́ fún òbí. Ọmọ Ọsirélíà kan, John Caldwell, pẹ̀lú Pat ìyàwó rẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí láàárín àwa Yorùbá, pàápàá ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970. Ohun tó rí lọ́dọ̀ wa ló fi tún èrò àwọn onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí tò ní 1976. Ó ní kí a wo ọ̀nà tí ọrọ̀ ń gbà nínú ìdílé. Níbi tí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ lóko, tó ń pọnmi, tó ń kiri ọjà, tó sì máa bọ́ òbí lọ́jọ́ ogbó, ọrọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sọ́dọ̀ òbí, ọmọ púpọ̀ sì jẹ́ ọgbọ́n. Níbi tó bá ti jẹ́ pé òbí ló ń san owó ilé-ìwé, tó ń ra ìwé àti yunifọ́ọ̀mù, tó ń san ti yunifásítì, ọrọ̀ náà ti yíjú padà. Ìgbà yẹn ni òbí á jókòó ṣírò iye tí ọwọ́ òun ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé-ìwé ní Àbújá mọ ohun tí mo ń sọ.

Àgbẹ̀ tó ń bí mẹ́jọ ní Jígáwà ò gọ̀ ju akọ̀wé tó ń bí méjì ní Wúsè lọ. Ìṣirò kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ohun tó wà níwájú wọn ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà hàn wá. Báwo ni ìyàtọ̀ Òkè Ọya àti ilé wa ṣe tó?

Ẹ jẹ́ kí a lo ìwádìí 2018, kí a sì wo àríwá ìwọ̀ oòrùn, ìyẹn apá Kánò, Kàtìsínà, Sókótó àti àwọn aládùúgbò wọn, kí a wá fi wé ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù tiwa.

Ní àríwá ìwọ̀ oòrùn, obìnrin kan ń bí 6.6. Nínú 1,000 ọmọ, 187 ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ọmọ bíi 1.2 ni ikú ń mú lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan, 5.4 ló ń kù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbí jẹ́ 3.9, ikú sì jẹ́ 62 nínú 1,000. Ikú ń mú bíi 0.24, ó ń ku 3.7.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yẹn. Bí a bá kó obìnrin mẹ́rin jọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan nínú wọn ló máa sin ọmọ kékeré. Ní àríwá ìwọ̀ oòrùn, bí a bá pín in dọ́gba, ìyá kọ̀ọ̀kan ló máa sin ọmọ kan, àwọn kan á sì sin méjì. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a bá ìṣirò náà lọ. Ìdajì ọmọ tó kù jẹ́ obìnrin. Bí a bá yọ àwọn díẹ̀ tó máa kú lẹ́yìn ọdún márùn-ún kúrò, ìyá kan ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ń fi bíi ọmọbìnrin 2.5 rọ́pò ara rẹ̀, ìyá kan ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi bíi 1.75. Nítorí náà, bí ìbí àti ikú bá dúró bí wọ́n ṣe wà, ìyá 100 lọ́hùn-ún di 250 lẹ́yìn ìran kan, ó sì di 625 lẹ́yìn ìran méjì. Tiwa á di 175, lẹ́yìn náà á di bíi 306. Mi ò ka àwọn tó ń ṣí kúrò tàbí tó ń ṣí wọlé mọ́ ọn, mi ò sì sọ pé bó ṣe máa rí gan-an nìyẹn, nítorí ìbí ò ní dúró sójú kan. Ohun tí ìṣirò náà fi hàn ni pé ikú tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò tó láti dá èrò dúró. Ẹni tó bá rò pé bí àjẹsára bá pọ̀ lókè lọ́hùn-ún ni èrò á kún jù, kò tíì wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ: níbi tí ikú ṣì ga ni ìbí náà ti ga.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn ló fà á?

Rárá. Mùsùlùmí pọ̀ rẹpẹtẹ nílẹ̀ Yorùbá, ìbí wa sì ti wálẹ̀. Ìránì jẹ́ orílẹ̀-èdè Ìsìláàmù. Ìbí ibẹ̀ lé ní mẹ́fà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tó fi máa di 2000 ó ti tó bíi méjì. Bangiladéṣì náà ti ṣe é. Níbi tí ìyàtọ̀ ti ń hàn kedere jù lọ ni ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin. Ní 2018, obìnrin tí kò lọ sílé-ìwé rárá ní Nàìjíríà ń bí 6.7, èyí tó kọjá girama ń bí 3.4. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ló ń wọlé ọkọ kí wọ́n tó pé ọdún 18, ọdún tí wọ́n ìbá fi jókòó ní kíláàsì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí.

Caldwell tún rí ohun kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó tẹ̀ jáde ní 1979: ọmọ ìyá tó kàwé kì í kú tó ti ìyá tí kò kàwé, kódà nígbà tí owó ilé àwọn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyá tó kàwé tètè ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì lè dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ìyá ọkọ. Èyí ni pé kíláàsì kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ lára ikú, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára ìbí.

Ṣé kí ìjọba wá pàṣẹ pé kí wọ́n dín ọmọ kù?

Wọ́n ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́. Ní 1988, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí iye ènìyàn ní kí obìnrin kan má bí ju mẹ́rin lọ. Kì í ṣe òfin tó ń mú ènìyàn, ìmọ̀ràn ni, ṣùgbọ́n ó bí ọ̀pọ̀ nínú. Obìnrin ni wọ́n fún ní iye, wọn ò fún ọkùnrin. Ọkọ tó ní ìyàwó mẹ́ta lè bí méjìlá láìrú ìlànà náà. Ní Òkè Ọya, ọ̀pọ̀ kà á sí pé wọ́n fẹ́ dín iye àwọn kù. Ìbí kò tẹ̀lé ìlànà yẹn.

Fífi àyè sáàárín ọmọ ló ń wọlé sí etí àwọn ènìyàn, mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kùránì, ní Súrà Bákárà ẹsẹ 233, sọ pé kí àwọn ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, ìyẹn fún ìdílé tó bá fẹ́ kí ó pé. Tiwa náà ò kéré: àwọn ìyá àgbà wa kì í sún mọ́ ọkọ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń tọ́mọ lọ́wọ́, ó lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Ọmọ tí wọ́n bí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pé ọdún méjì máa ń wà nínú ewu ikú ju èyí tí àyè wà láàárín wọn lọ, nítorí ara ìyá ò tíì padà bọ̀ sípò, wọ́n sì já ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò. Bí àyè bá gùn, ikú dín. Bí ikú bá dín, àwọn òbí á fọkàn balẹ̀, ìbí náà á dín. Nọ́ọ̀sì tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí láti orí ẹ̀mí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ni wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀.

A kì í kọ ikú ọmọdé sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ibo ni ẹ ti rí àwọn nọ́ńbà yìí?

Àwọn obìnrin ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n máa ń yan àwọn adúgbò káàkiri Nàìjíríà, wọ́n á sì jókòó ti obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49. Wọ́n á ní kí ó ka gbogbo ọmọ tó ti bí lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkùnrin tàbí obìnrin, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí i, ṣé ó wà láàyè, bí kò bá sí, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó lọ.

Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni, ó sì ní ibi tó ti ń yẹ̀. Ìyá lè má dárúkọ ọmọ tó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ la ẹnu ọgbẹ́ yẹn. Ìyá tó ti kú kò sí nílé láti dáhùn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, òṣìṣẹ́ tó rẹ̀ lè kọ ọjọ́ orí ọmọ ju bó ṣe jẹ́ lọ, nítorí pé ìbéèrè lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló gùn jù nínú fọ́ọ̀mù.

A ní ọ̀nà tí a fi ń mọ̀. Ọmọkùnrin máa ń fi díẹ̀ pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ nígbà ìbí. Bí ìwé tí wọ́n kó wá bá yàtọ̀ sí èyí jìnnà, àwọn kan ti fo ọmọ. Bí ikú ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan bá kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́, àwọn ìyá ò sọ nípa àwọn tó kú ní kékeré. Bí ikú bá sì kóra jọ sórí oṣù kejìlá, àwọn ènìyàn kàn ń sọ pé “ó tó ọmọ ọdún kan” ni.

Ìdí nìyẹn tí mi kì í fi pariwo nípa ìyàtọ̀ kékeré. Ikú jẹ́ 128 nínú ìwádìí 2013, ó sì jẹ́ 132 ní 2018. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sí i. Ohun tí a lè sọ ni pé ó dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín 201 àti 110 kò ṣeé fi àṣìṣe ìwádìí ṣàlàyé.

Ṣé bí Àbújá ṣe ń kún lójoojúmọ́ yìí náà ni ẹ ń sọ?

Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Ìkànìyàn 1991 ka 371,674 ní Àbújá, ti 2006 ka 1,406,239. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ní ọdún 15. Ìbí nìkan ò lè ṣe èyí níbikíbi láyé. Kódà ibi tí èrò ti ń fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lọ́dún nípa ìbí, ó máa gbà tó ọdún 23 kí ó tó di ìlọ́po méjì. Àwa tí a ṣí wá ni a kún un, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Bẹ́núè, láti Kánò.

Bí gbogbo obìnrin bá wá ń bí méjì péré láti ọ̀la, ṣé èrò máa dúró?

Kò ní dúró, yóò sì pẹ́ kó tó dúró. Ẹ padà sí ìyá 100 tí a fi ṣírò fún àríwá ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin 250 tó ń dàgbà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ká ní gbogbo wọn gbà láti bí méjì-méjì, wọ́n á bí 500. Àwọn tó máa dàgbà kú láàárín àsìkò yẹn jẹ́ àwọn ìyá 100 àti àwọn ọkọ wọn, bíi 200. Ẹni 500 wọlé, ẹni 200 jáde. Èrò á máa pọ̀ títí àwọn 250 náà fi máa darúgbó, ìyẹn sì máa tó ogójì tàbí àádọ́ta ọdún.

Nàìjíríà wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí pé ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún wa lọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ní 2024, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣírò pé a ó tó mílíọ̀nù 359 ní 2050, wọ́n sì ti ka dídín kù ìbí mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń ṣètò ilé-ìwé, omi tàbí ọ̀nà ní láti ṣètò fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí nísinsìnyí.

Kí ni ó máa yí padà fún ìdílé àti ìlú nígbà tí ìbí bá dín kù?

Àkókò kan máa ń wà tí ọmọdé ò pọ̀ mọ́, tí arúgbó ò sì tíì pọ̀, tó jẹ́ pé àwọn tó lè ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹni tó ń jẹun láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan dín kù, owó tó ṣẹ́ kù lè di ilé-ìwé tó dára, ó sì lè di ìfipamọ́. Kòríà Gúúsù ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Obìnrin ibẹ̀ ń bí bíi mẹ́fà ní 1960, kí 1985 tó dé wọ́n ti bọ́ sí bíi méjì. Ilé-iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ láti gba àwọn ọ̀dọ́ náà síṣẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ní tiwa ni iṣẹ́. Ọ̀dọ́ tó pọ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣì ń jẹun láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ọdún tí ó ìbá fi ṣiṣẹ́ sì ń lọ. Àkókò yẹn kì í pẹ́ ju 40 sí 50 ọdún lọ, kò sì ní padà wá. Ní ìhà tiwa, níbi tí ìbí ti dín kù ṣáájú, ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ ogbó. Ní 2023, ìbí ní Kòríà Gúúsù já sí 0.72, wọ́n sì ń pa àwọn ilé-ìwé dé nítorí àìsí ọmọ. A ṣì jìnnà sí ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn òbí ọmọ méjì tó wà ní Àbújá lónìí, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lè ṣí lọ sí Kánádà, gbọ́dọ̀ ronú lórí owó ìfẹ̀yìntì ju bí bàbá wọn ṣe ronú lọ.

Bí Òkè Ọya bá ń bí jù wá lọ, ṣé wọn ò ní fi iye borí wa nínú ìṣèlú àti owó ìjọba?

Mi ò ní parọ́ fún yín: iye ènìyàn wà nínú ìṣirò. Nínú owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín láàárín ara wọn láti àpò ìjọba àpapọ̀, ìdá 30 nínú 100 ń lọ nípa iye ènìyàn. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń lò ń ti inú ìkànìyàn 2006 wá, kò sì tíì sí òmíràn láti ìgbà náà. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé ìbí tó pọ̀ ń ná ìpínlẹ̀ lówó ju èyí tó ń mú wọlé lọ, nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò tíṣà, àjẹsára àti àga ìjókòó ní kíláàsì. Èmi ò mọ ìyá kankan ní Kúbúwà tó bí ọmọ karùn-ún nítorí ìdìbò.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ìbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní Òkè Ọya gan-an?

Mo máa ń wo ọjọ́ orí tí ọmọbìnrin fi ń bí àkọ́bí, mo sì máa ń wo àyè tó wà láàárín ọmọ kejì sí ìkẹta. Ìgboro ni mo ti ń kọ́kọ́ wò wọ́n, nítorí ìgboro Kánò tàbí Kàdúná á ti yí padà kí abúlé tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ìwádìí tí mo kà sí jù: “Ká ní ẹ lè padà sí ìgbà tí ẹ ò tíì bímọ, mélòó ni ẹ máa fẹ́ bí?” Ní 2018, ìdáhùn àwọn obìnrin Nàìjíríà, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 6.1, ti àwọn ọkùnrin jẹ́ 7.2. Ìbí gan-an jẹ́ 5.3. Iye tí wọ́n fẹ́ pọ̀ ju iye tí wọ́n ń bí lọ! Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kíkó oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí wá sí ìlú ò lè dá ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn kan ò tilẹ̀ máa ń sọ nọ́ńbà. Wọ́n á ní Ọlọ́run ló mọ iye tó máa fún àwọn. Ẹni tí ikú lè já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà ò ní ìdí láti máa ka iye. Nítorí náà, bí ìwé ìwádìí tuntun bá jáde, kí n tó wo ìwọ̀n ìbí fúnra rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wo iye obìnrin tó dá ìbéèrè yẹn lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.